Ìgò Tí Mo Rò Pé Mo Mọ̀: Ohun Tí Fọ́tò Oògùn Koríko Kan Kọ́ Mi

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún kan, bàbá àgbẹ̀ kan láti abúlé kan lẹ́bàá Òmù-Àrán fi fọ́tò ìgò oògùn koríko ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Àgbàdo rẹ̀ ti yọ ewé mẹ́rin, èpò sì ti ń bá a dọ́gba. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: “Ọmọ mi, ṣé èyí ni oògùn àgbàdo tí o sọ?” Mo wo fọ́tò náà, bóyá kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo rí ìgò funfun oní lítà kan, ìdérí aláwọ̀ ewé, àwòrán àgbàdo tó yọmọ dáadáa, àti orúkọ kan tó jọ èyí tí mo mọ̀. Mo fèsì pé, “Òun ni, Bàbá. Ẹ lè fín in.”

Òun kọ́. Àgbàdo éékà méjì ló bá ìdáhùn yẹn lọ. Mo ń kọ èyí nítorí pé ojoojúmọ́ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń wọ fóònù àwa tí a ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, láti Ilọrin dé Ọ̀fà, dé Ìsánlú-Ìsin, púpọ̀ nínú wa ló sì ń dáhùn bí mo ṣe dáhùn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú fọ́tò ọ̀hún, torí inú rẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti yà á, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Iwájú ìgò nìkan ló hàn. Bàbá di ìsàlẹ̀ ìgò náà mú, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bo ìlà tó kéré jù lára ìwé náà, ìlà tí wọ́n ń kọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú oògùn sí. Gbogbo ohun tí mo rí jẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ fi ń ta ọjà: àwọ̀, àwòrán, orúkọ. Ilé iṣẹ́ kan náà lè ta oògùn mẹ́rin nínú ìgò kan náà pẹ̀lú ìdérí kan náà, kí orúkọ wọn sì fi ọ̀rọ̀ kan péré yàtọ̀. Ní ti àwòrán àgbàdo, ó lè túmọ̀ sí pé a lè fín oògùn náà sórí àgbàdo. Ó sì lè túmọ̀ sí pé a fi ń pa koríko ilẹ̀ kí a tó gbin àgbàdo. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìyè àti ikú irúgbìn.

Àmì kan sì tún wá bá mi, mo lé e lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Bàbá pè mí. Mo ti sọ fún un pé kó wọn mílílítà 80 sínú tánkì ìfínko oní lítà 16. Ó ní, “Ọmọ ọmọ mi ka ara ìgò náà, ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún tánkì kan. Èwo ni ká ṣe?” Mo ní kó tẹ̀ lé tèmi, pé ọmọ náà ṣi ìwé kà ni. Ọmọ náà kò ṣi nǹkan kan kà. Oògùn tí mo ní lọ́kàn ni nikosufúrọ́ọ̀nù, èyí tó ní giráàmù 40 nínú lítà kan. Lítà kan ló ń tó hẹ́kítà kan, a sì ń fi nǹkan bí lítà omi 200 fín in. Ìyẹn túmọ̀ sí mílílítà 5 nínú lítà omi kan, tó jẹ́ 80 nínú tánkì oní lítà 16. Ìgò tó bá ní kí a lo 240 sí 320 nínú tánkì kan náà ti ń sọ pé lítà 3 sí 4 lòun ń tó hẹ́kítà. Oògùn mìíràn pátápátá nìyẹn. Ká ní mo fi ìṣẹ́jú kan ṣírò ohun tí ọmọ náà kà, ǹ bá ti dá wọn dúró.

Wọ́n fín in. Títí di ọjọ́ kẹta, kò sí ohun tó hàn. Ní ọjọ́ kẹfà Bàbá ní àárín àgbàdo òun ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, pé ibòmíràn tilẹ̀ ti ń funfun. Mo gbọ́ “ewé ń pọ́n”, mo sì ronú kan ajílẹ̀. Mo ní kó fi yúríà sí i. Ó ra àpò kan, ó fi sí i. Èyí ni àṣìṣe kejì, òun ló sì ń dùn mí jù, nítorí ara àgbàdo ti sọ ohun tó ń ṣe é fún wa, ó kàn jẹ́ pé a ò wò ó.

Bí àgbàdo bá ṣaláìní ajílẹ̀ tó, àwọn ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ewé, ó ń tẹ̀ lé àárín ewé wá sẹ́yìn, ewé òkè á sì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ìdí ni pé àgbàdo ń yá oúnjẹ lára ewé àgbà fún ewé tuntun. Èyí tí gilifosétì, ohun tó wà nínú ìgò náà gan-an, bá kàn yí i padà: ibi tí ewé tuntun ti ń yọ gan-an ló ń kọ́kọ́ pọ́n tí yóò sì funfun, torí ibẹ̀ ni oògùn náà ń ṣàn lọ nínú ara irúgbìn. Ewé ìsàlẹ̀ lè ṣì tutù nígbà tí ọkàn àgbàdo ti ń rọ. Kì í sì í yára. Ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbà á. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì lẹ rí ewé tó jó ní kàńkà kàńkà, tí àmì jíjó náà wà níbi tí omi oògùn kán sí nìkan, oògùn ajónilára bíi párákúátì lẹ ń wò. Nítorí náà, kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí àgbàdo tó ń pọ́n báyìí, ìbéèrè méjì ni mo ń bi í: òkè ló ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí ìsàlẹ̀? Ọjọ́ wo lẹ sì fín oògùn kẹ́yìn?

Ní ọjọ́ kẹwàá ni mo tó sọ ohun tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí ọmọ ọmọ Bàbá gbé ìgò náà síta, kó nu ún, kó sì ya gbogbo ara rẹ̀ yíká. Ohun tí mo kà lára fọ́tò kẹta nìyí:

```
Glyphosate 480 g/L SL
```

Nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgò náà kì í ṣe ayédèrú rárá. Oògùn tó forúkọ sílẹ̀ ni, tí wọ́n ṣe dáadáa, tó sì ṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Gilifosétì kì í ṣe ojúsàájú láàárín koríko àti àgbàdo lásán. Èmi ni mo pè é ní ohun tí kì í ṣe. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ronú nípa nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kò pé. A máa ń rò pé nítorí ayédèrú nìkan la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ìgò, òun nìkan ló ń tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo. Orúkọ lè jọra, àwọ̀ lè jọra, nọ́ńbà oògùn méjì kì í jọra.

Lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn ìlà yẹn, SL, náà ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé oògùn náà yòrò pátá sínú omi. Bí ẹ bá da díẹ̀ sínú omi mímọ́ nínú ìgò tó mọ́ gaara, omi náà yóò ṣì mọ́ gaara. Bí lẹ́tà náà bá jẹ́ EC, oògùn náà ní epo nínú, yóò sọ omi di funfun bíi wàrà. SC àti OD nípọn bí ẹ̀kọ mímu kí a tó pò ó, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọn ìgò wọn kí ẹ tó dà á, torí ó máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Àwọn náà á sọ omi di bàìbàì. Nikosufúrọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa sábà máa ń jẹ́ SC tàbí OD. Nígbà tí mo bi Bàbá nípa rẹ̀, ó ní omi oògùn òun mọ́, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ọṣẹ olómi. Ká ní mo ti bi í léèrè ṣáájú ni, ìdáhùn yẹn nìkan ìbá dá wọn dúró, láìsí fọ́tò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá fẹ́ wò ó bẹ́ẹ̀, ìgò tí ẹ bá sì lò, ẹ má ṣe jẹ́ kó padà sí ilé ìdáná.

Mímọ orúkọ oògùn náà wúlò lẹ́yìn tí ìpalára ti ṣẹlẹ̀ pàápàá. Gilifosétì máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, irúgbìn tuntun kì í sì í fi gbòǹgbò fà á. Nítorí náà Bàbá lè tún ilẹ̀ náà gbìn láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì fi ẹ̀wà sí i lẹ́yìn tí òjò padà. Tó bá jẹ́ pé atirasíìnì wà nínú ìgò yẹn, ìmọ̀ràn mi ìbá yàtọ̀, torí atirasíìnì a máa pẹ́ nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ẹ̀wà kò sì lè fara dà á. Ẹni tí kò mọ ohun tó fín kò lè mọ ohun tó lè gbìn tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà, mo ti ní ọ̀nà kan tí mo ń gbà béèrè fọ́tò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti yà á, lábẹ́ ibòji igi tàbí òdèdè, ní ọ̀sán. Oòrùn tààrà máa ń kọ mànà lára ìgò oníke, ibi tó sì ń kọ mànà ni nọ́ńbà sábà máa ń wà. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku kúrò. Ẹ gbé ìgò sórí nǹkan kí ọwọ́ má bàa bo ohunkóhun. Nítorí pé ìgò ṣe róbótó, ìlà kan lè bẹ̀rẹ̀ níwájú kó parí sẹ́yìn, torí náà ẹ má ṣe yí fóònù, ìgò ni kí ẹ máa yí díẹ̀díẹ̀, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì mú díẹ̀ lára èyí tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ ya ibi mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìlà èròjà, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà bááṣì pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ìlànà bí a ṣe ń lò ó. Ẹ tẹ ojú fóònù níbi ọ̀rọ̀ náà kó lè mú un dáadáa kí ẹ tó yà á.

Wọ́sáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ a sì máa di bàìbàì. Ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì dípò fọ́tò, ibi àmì pépà tí ẹ fi ń fi ìwé ránṣẹ́ ni. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà yẹn, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà náà láti ibi tó sún mọ́ra débi pé òun nìkan ló kún ojú fóònù.

Kódà pẹ̀lú gbogbo èyí, n kì í gba nọ́ńbà láti inú fọ́tò nìkan mọ́. 5 jọ 6 nínú àwòrán tí kò mọ́, 3 jọ 8, 1 jọ 7, lẹ́tà O sì jọ òdo. Mo ń ní kí ẹni tó mú ìgò dání ka nọ́ńbà náà sínú ohùn, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìwo fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi méjèèjì wéra. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, a tún un kà. Ẹni tó ń ka ìgò lè fi èékánná fọwọ́ kan nọ́ńbà náà, ó lè yí i sí ìmọ́lẹ̀, ohun tí fọ́tò kò lè ṣe.

Wọ́n tún máa ń ka nọ́ńbà mìíràn fún mi, pàápàá nọ́ńbà bááṣì, torí òun ló sábà máa ń tóbi, tí wọ́n sì fi yíǹkì dúdú tẹ̀ sára ìgò. Nọ́ńbà NAFDAC ti oògùn oko sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A5, ìlà kékeré, kí fígọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí 04 tàbí A4 níwájú rẹ̀ lára ìgò oògùn koríko, ti oògùn tí ènìyàn ń lò nìyẹn, ẹ dá ìgò náà padà.

Tí nọ́ńbà bá ti dájú, orí ìwé àkọsílẹ̀ NAFDAC lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Greenbook, ni mo ń lọ:

```
greenbook.nafdac.gov.ng
```

Orúkọ tó wà níwájú ìgò ni mo ń kọ́kọ́ tẹ̀. Bí kò bá jáde, mo ń tẹ orúkọ èròjà, fún àpẹẹrẹ `glyphosate` tàbí `nicosulfuron`, torí lẹ́tà kan lè yàtọ̀ nínú orúkọ ọjà kí ó má sì rí i. Nígbà tó bá jáde, iṣẹ́ kò tíì parí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi ohun tó wà níbẹ̀ wé ara ìgò: ṣé orúkọ bá ara mu, ṣé èròjà àti agbára rẹ̀ bá ara mu, ṣé ilé iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí “nọ́ńbà náà wà”. Ìyẹn kò tó, nítorí ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í hùmọ̀ nọ́ńbà láti orí ara rẹ̀, ó ń ṣàdàkọ èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ni.

Mo rí ọ̀kan báyìí ní ọdún tó tẹ̀ lé ti Bàbá. Obìnrin àgbẹ̀ kan ní apá Ọ̀fà fi fọ́tò oògùn koríko ránṣẹ́. A5 ló bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà náà jáde, ọkàn mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Nígbà tí mo ka ìlà èròjà, oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi nọ́ńbà yẹn forúkọ sílẹ̀ fún, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Mo ní kí Màmá má ṣí i, kó dá a padà fún ẹni tó tà á, kó sì gba owó rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé o, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po omi.” Fún irú èyí, ọ́fíìsì NAFDAC wà ní Ilọrin, ó sì dára kí a fi fọ́tò gbogbo ara ìgò náà, orúkọ ọjà àti ọjọ́ tí a rà á hàn wọ́n.

Bí oògùn kan kò bá jáde lórí Greenbook, n kì í pè é ní ayédèrú lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé orí ìkànnì. Àmọ́ n kì í jẹ́ kí wọ́n fín in títí a ó fi rí ìdáhùn, torí èpò lè dúró dè wá fún ọjọ́ mẹ́ta, àgbàdo tó ti kú kò lè jí.

Ó ní ibi tí ìwé mọ. Ìwé lè bá ara mu látòkè délẹ̀, kí omi inú ìgò sì jẹ́ ohun mìíràn, nítorí àwọn kan ń ra ìgò òfìfo láti tún un kún. Ìdérí ni mo ń wò fún ìyẹn. Òrùka kékeré tó wà lábẹ́ ìdérí gbọ́dọ̀ ṣì so mọ́ ọn, kó má sì tíì já. Ìwé aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi lẹ ẹnu ìgò gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí àmì gọ́ọ̀mù ní etí rẹ̀. Nọ́ńbà bááṣì tó wà lára ìgò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti páálí rẹ̀. Bí sítíkà tuntun bá bo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ má rà á.

Ohun tó ń parí iyèméjì fún mi ni ìlà méjì. Bí oògùn kan bá jẹ́ tuntun sí àgbẹ̀, mo ń ní kó fín ìlà àgbàdo méjì péré ní igun oko, ní ìwọ̀n tí ara ìgò kọ, kó sì dúró ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. A ń fín nikosufúrọ́ọ̀nù láti ìgbà tí àgbàdo bá ti ní ewé méjì títí dé mẹ́fà, torí náà ẹni tó bá dán an wò ní ewé méjì ṣì ní àyè láti fín ìyókù. Tí ọkàn àgbàdo inú ìlà méjì yẹn bá ti funfun, ìlà méjì ló sọnù.

Déètì tó wà lára ìgò ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. NAFDAC fòfin de párákúátì láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, atirasíìnì sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Ìgò àtijọ́ tó ní nọ́ńbà gidi lè ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ka ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì ní ìlà èròjà, tàbí kí atirasíìnì jẹ́ èkejì nínú oògùn alápòpọ̀, nọ́ńbà tó jáde kò sọ ọ́ di ohun tí a lè tà tàbí rà.

Ti irúgbìn, n kò ní sọ púpọ̀, torí ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. NAFDAC kọ́ ló ń mójú tó irúgbìn, ìgbìmọ̀ irúgbìn ìjọba àpapọ̀, NASC, ni. Iwájú àpò kò ní ìtumọ̀ púpọ̀, ẹnikẹ́ni lè da àgbàdo jíjẹ sínú àpò tó rẹwà. Káàdì tí wọ́n rán mọ́ ẹnu àpò ni kí ẹ yà: orúkọ irúgbìn, nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, ìwọ̀n tó ń hù nínú ọgọ́rùn-ún, àti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò. Bí káàdì kò bá sí, ẹ ka ọgọ́rùn-ún hóró sínú aṣọ tútù, ọjọ́ keje ẹ ka iye tó hù.

Ìdí kan ṣì wà tí mo fi ń sọ fún gbogbo ilé àgbẹ̀ pé kí fọ́tò ara ìgò wà lórí fóònù kí wọ́n tó ṣí i. Bí ọmọdé bá mu oògùn oko, tàbí tí ó ta sí ẹni tó ń fín in lójú àti lẹ́nu, ìbéèrè tí dókítà yóò kọ́kọ́ bi yín ni orúkọ ohun tó mu. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Fún àwọn apakòkòrò bíi díkílófọ́ọ̀sì, atiropíìnì ni wọ́n ń lò. Ti párákúátì kò ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a ń sáré fi sí imú aláìsàn tilẹ̀ lè dá kún ìpalára ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fi sí i. “Oògùn koríko ni” kò ràn án lọ́wọ́. Ìlà èròjà ló ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fún aláìsàn náà ní epo pupa tàbí wàrà, ẹ gbé e lọ pẹ̀lú ìgò náà, tí a bá ti sọ ìgò nù, ẹ fi fọ́tò náà hàn.

Bí ẹ bá lo oògùn tán, ẹ da omi díẹ̀ sínú ìgò, ẹ gbọn ọ́n, ẹ dà á sínú tánkì tí ẹ ń fín, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìṣó lu ìdí ìgò náà ní ibi mẹ́rin, kí ẹni tó ń ra ìgò òfìfo má rí i lò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi bu omi mu. Bàbá kò ju tiẹ̀ mọ́ kó tó ṣe ìyẹn. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ tó ka 300 lọ́jọ́ náà, ló ń ka ìlà èròjà àti nọ́ńbà fún mi sínú ohùn báyìí, ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú déètì àti orúkọ ibi tí wọ́n fín in sí nínú oko. Ní ìgbà tó kẹ́yìn tó pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgò yìí wí pé 80 ni, ìwé wa náà sì wí pé 80. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?” Mo ní kó tún ìlà èròjà kà fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.